Kí Ilà Ojú Ìyá Má Parẹ́ Nínú Àwòrán

Ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ kí fótò ìyá wọn di àwòrán ọ̀dà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà sára pátákó tí wọn yóò gbé sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Oníṣẹ́ tí wọ́n gbé e fún kò fọwọ́ kan ọ̀dà rárá. Ó fi fótò náà sínú ẹ̀rọ ayàwòrán tó ní ọgbọ́n àtọwọ́dá lórí kọ̀ǹpútà, ó tẹ gbólóhùn kan sí i, kò pẹ́ tí àwòrán jáde. Aṣọ òfì ń tàn, ìmọ́lẹ̀ sì bá ojú ìyá mu. Ṣùgbọ́n àbàjà mẹ́rin-mẹ́rin tó dùbúlẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti lọ. Ní apá ọ̀tún, ara ń dán bíi ti ọmọ ogún ọdún. Ní apá òsì, ìlà mẹ́ta kékeré ló kù, wọ́n sì dúró ní òòró. Ẹni tó bá mọ ilà yóò sọ pé pẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ ti mú ìyá kúrò nínú ìdílé kan, ó sì ti fẹ́ fi í sínú òmíràn.

Ó yẹ ká mọ bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè dènà rẹ̀. Ẹ̀rọ bíi Stable Diffusion, tó jáde ní ọdún 2022, kì í fi ọ̀dà kun orí fótò tí a fún un. Ó máa ń kọ́kọ́ da àmì rúdurùdu bo fótò náà, bí ìgbà tí èèyàn fọ́n iyanrìn sórí àwòrán. Lẹ́yìn náà ló ń kó iyanrìn ọ̀hún kúrò díẹ̀díẹ̀, ibi tí kò bá sì ríran mọ́, ohun tó ti kọ́ lára àìmọye àwòrán mìíràn ló fi ń dí i. Nínú àwọn àwòrán tó fi kọ́ṣẹ́, ojú tí kò ní ilà pọ̀ ju ojú tó ní ilà lọ fíìfíì. Nítorí náà, bó bá dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí iyanrìn bò, ara tó jọ̀lọ̀ ni yóò fi dí i.

Ìdí kejì ni bí ojú ṣe kéré tó nínú fótò. Ẹ̀rọ yìí kì í ṣiṣẹ́ lórí fótò gan-an. Ó ń fún un pọ̀ ni. Fótò tí ìbú rẹ̀ jẹ́ àmì 512 yóò di 64 péré, tó fi jẹ́ pé àmì mẹ́jọ ní ìbú àti mẹ́jọ ní òòró ló wọnú ihò kan ṣoṣo. Bí ìyá bá dúró láti orí dé ẹsẹ̀ nínú fótò, ojú rẹ̀ lè má ju àmì 60 lọ, ìlà àbàjà kọ̀ọ̀kan kò sì ní nípọn ju àmì kan lọ. Gbogbo ìlà mẹ́rin lè há sínú ihò kan tàbí méjì. Kò sí bí wọ́n ṣe máa yọ padà ní pípé.

Àwọn oníṣẹ́ mìíràn tún máa ń dá kún un láìmọ̀. Wọ́n á ṣe àdàkọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ń tẹ̀ sí àpótí `Negative prompt`, níbi tí a ti ń sọ ohun tí a kò fẹ́. `scar` àti `blemish` kì í wọ́n níbẹ̀. Àṣẹ tí wọ́n pa fún ẹ̀rọ nìyẹn pé kó wo ilà sàn bí ẹni pé ọgbẹ́ ni. Bí wọ́n bá tún fi `Restore faces` sí i, ìyẹn á wá tún ojú dán délẹ̀délẹ̀.

Ká padà sídìí fótò ìyá yẹn, ká tún iṣẹ́ náà ṣe. Kí oníṣẹ́ tó tan ẹ̀rọ, kó béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó gbé fótò wá pé, "Ilà wo ni màmá kọ? Mélòó ló wà ní apá kọ̀ọ̀kan?" Kó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kó gé fótò náà sí orí àti èjìká, kí ojú lè gba ibi tó pọ̀ jù. Kó yọ ọ̀rọ̀ `scar` kúrò, kó pa `Restore faces`. Ibi tí a ti ń sọ bí ẹ̀rọ yóò ṣe yí fótò padà tó ni wọ́n kọ `Denoising strength` sí. Láti 0 dé 1 ni. Ní 0.7, ojú tuntun ni ẹ̀rọ máa ń yà. Ní bíi 0.35, ìrísí ọ̀dà yóò hàn, ilà náà yóò sì sábà dúró. Bí oníṣẹ́ bá ní ControlNet, kó fi `lineart` ṣètò rẹ̀, nítorí ìyẹn ń kọ́kọ́ fa àwọn ìlà inú fótò jáde, ó sì ń mú ẹ̀rọ tẹ̀ lé wọn.

Ọ̀nà mìíràn ni kí èèyàn fi búrọ́ọ̀ṣì orí ẹ̀rọ kun ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó sì yan `Inpaint not masked`, kí ẹ̀rọ yí gbogbo ibi tó kù padà láìfọwọ́ kan ibẹ̀. Ilà kò ní parẹ́ rárá. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wà bíi fótò láàárín ojú tó ti di ọ̀dà, á wá dà bí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fara mọ́ ọ̀nà kan tó gba sùúrù ju èyí lọ: kí oníṣẹ́ fi fótò àkọ́kọ́ sábẹ́ àwòrán tuntun, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ ọ̀dà tó wà nínú àwòrán náà. Pípa ilà mọ́ kò ní kí àwọ̀ rẹ̀ má yí padà. Iye rẹ̀, ibi tó wà, gígùn rẹ̀ àti ibi tó kọjú sí ni kò gbọ́dọ̀ yí.

Bí iṣẹ́ bá parí, kó gbé àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó fẹ̀ wọ́n, kó ka ìlà apá ọ̀tún, kó ka ti òsì. Kó tún wò ó bóyá àwòrán ti yí bíi ti inú dígí, torí àwọn fóònù kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí èèyàn bá ya ara rẹ̀. Èyí lè má hàn lára àbàjà tó dọ́gba ní apá méjèèjì, ṣùgbọ́n bàmú, ìlà tó dà láti egungun imú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, yóò bọ́ sí apá tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ohun tí a wé sórí àti aṣọ ẹ̀sìn ní wàhálà tiwọn, torí ẹ̀rọ kì í sábà pa wọ́n rẹ́, àfikún ló máa ń ṣe. Ó lè fa irun díẹ̀ jáde létí ìjáàbù, tàbí kó ṣí ọrùn sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé bíbò wọ́n ni obìnrin náà ṣe wọ̀ ọ́. Ó lè wọ bàtà fún ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ tó wọ sùtánà, bẹ́ẹ̀ wọn kì í wọ bàtà sí i. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́ babaláwo lè di wúrà. Níbi báyìí, mi ò rí ohun tó dára ju kíkùn bò lọ: kí oníṣẹ́ kun gèlè, fìlà, ìjáàbù tàbí ìlẹ̀kẹ̀ náà títí dé etí rẹ̀, kó gbé `Mask blur` sókè díẹ̀ kí ojú ààlà má baà gé ṣákálá, kó sì jẹ́ kí ẹ̀rọ yí ibi tó kù nìkan padà. Aṣọ tó wà bíi fótò nínú ọ̀dà kì í ba ojú jẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n fúnra wọn ní kí wọ́n yọ ilà àwọn kúrò, torí ẹ̀sín tí wọ́n fi wọ́n ṣe nílé ìwé. Ojú tiwọn ni, ẹnu wọn ló sì yẹ kó ti wá, kì í ṣe ti ẹ̀rọ, kì í ṣe ti oníṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ìyá ọlọ́gọ́rin ọdún kò rí bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí ẹni tó bi í. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 ka ilà kíkọ fún ọmọ léèwọ̀ ní Nàìjíríà, ojú àwọn àgbà sì ni ọ̀pọ̀ ilà tó kù wà.

Áàpù orí fóònù tí kò fún èèyàn láyè láti dín ìyípadà kù tàbí láti kun ibi kan bò kò dára fún irú fótò yìí. Ẹni tó bá jẹ́ pé òun nìkan ló ní, kó gé ìyá jáde bó ṣe wà nínú fótò, kó fi áàpù náà ya ẹ̀yìn tuntun, kó sì gbé ìyá padà sórí rẹ̀.