Bí Mo Ṣe Tọrọ Àkókò Kí Àwọn Òbí Tó Ṣe Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́

Ní ọdún àṣekágbá mi, àfẹ́sọ́nà mi ní Ìlọrà sọ pé àwọn òbí òun fẹ́ wá bá àwọn òbí mi ní Fìdítì ní oṣù Kejìlá. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ́kọ́ ṣe agùnbánirọ̀. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí Wọ́ọ̀sáàpù: "Jọ̀ọ́, fún mi láyè díẹ̀." Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti pè mí lẹ́ẹ̀méje, ìyá rẹ̀ sì ti ń bi í bóyá mo ti rí ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni àṣìṣe mi. "Fún mi láyè" lè jẹ́ "ṣe sùúrù fún mi", ó sì lè jẹ́ "kúrò lọ́dọ̀ mi". Ẹni tó ń kà á lórí fóònù kò rí ojú mi. Èyí tó ń bà á lẹ́rù ni yóò mú.

Ní Sátidé, mo wọkọ̀ lọ sí Ìlọrà. Mo kọ́kọ́ sọ ohun tí kò yí padà: "Ìwọ ni mo fẹ́ fẹ́." Lẹ́yìn náà ni mo dárúkọ ohun tí mo fẹ́ ká sún síwájú: mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nìkan. Tí ẹbí méjèèjì bá ti jókòó, wọn yóò máa béèrè ọjọ́ ìdána, ọ̀rọ̀ á sì kúrò lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí a tọrọ àkókò ṣáájú ìjókòó yẹn. Níkẹyìn, mo dá ọjọ́: "Ọdún kan ni ìsìn agùnbánirọ̀. Oṣù tí mo bá parí ni a máa mú ọjọ́."

Ó ní, "Bí wọ́n bá gbé ọ lọ sí Sókótó ńkọ́? Ṣebí wọ́n máa ń jẹ́ kí ìyàwó ilé sìn nítòsí ọkọ rẹ̀." Mo ṣàlàyé pé ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ni wọ́n ń béèrè fún ìyẹn, mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kì í sì í fúnni ní ìwé. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí nípa oṣù, tí kò bi mí nípa ọkùnrin mìíràn mọ́, mo mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ní bàbá òun ti dàgbà. Mo rò ó, mo sì gbà láti máa lọ kí bàbá náà fúnra mi, láìmú ẹbí kankan dání. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, mo kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tó ń sá lọ kì í wá kí ni nílé."

Tó bá jẹ́ pé ẹ kò fẹ́ ẹni náà mọ́, ẹ má tọrọ àkókò. Ẹ sọ fún un. Bí ọjọ́ tí ẹ dá bá sì pé, tí ẹ tún ń sún un láìsí ìdí tuntun, ẹ ti kọ̀ ọ́ nìyẹn, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti máa lọ. Tèmi ku oṣù mẹ́rin.