Sípíríngì Tí Ìyípo Rẹ̀ Kò Jìnnà Síra Bákan Náà

Bí ẹ bá tú báírò tí a máa ń tẹ̀ lórí, ẹ wo sípíríngì inú rẹ̀ dáadáa. Wáyà máa ń fara kanra ní ìdí àti ní orí, àárín nìkan ló là. Ìpẹ̀kun tó pa dé báyìí ló ń jẹ́ kí sípíríngì dúró ṣánṣán tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Bó bá là, á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ká ní a fẹ́ ya irú rẹ̀ tó tóbi nínú SolidWorks: wáyà tó nípọn ní mílímítà 4, tó yí òbìrí oní mílímítà 30 ká. A ó kọ́kọ́ ya òbìrí náà, a ó sì lo `Helix/Spiral` láti fi ṣe ìlà tó ń lọ́ gòkè. Ìlà yìí ni ọ̀nà tí àárín wáyà máa gbà. A ó yan `Pitch and Revolution` àti `Variable pitch`, kí tábìlì lè jáde. `P` ni bí ìyípo kan ṣe jìnnà sí èyí tó tẹ̀ lé e, láti àárín wáyà dé àárín wáyà. `Rev` ni iye ìyípo tí a ti dé.

```
P     Rev
4.1   0
4.1   1
10    2
10    6
4.1   7
4.1   8
```

Láti ìlà kan sí èkejì, ńṣe ni `P` ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, láàárín ìyípo kìíní sí ìkejì, wáyà gòkè ní mílímítà 7.05, ìdajì àpapọ̀ 4.1 àti 10. Gbogbo gíga ìlà náà jẹ́ mílímítà 62.3.

Lẹ́yìn èyí, `Swept Boss/Base` ló kàn. A ó yan `Circular Profile`, a ó kọ 4, òbìrí kékeré náà á sì gba ojú ìlà kọjá títí á fi di wáyà.

Kí ló dé tí a kò kọ 4 gan-an sí ìpẹ̀kun? Wáyà tó ń lọ́ gòkè dà díẹ̀. Bí a bá wọn àlàfo rẹ̀ ní ìbú wáyà, kì í pé 4, wáyà á sì wọnú ara rẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè kọ̀ láti ṣe é, tàbí kó fún wa ní èyí tó ti bàjẹ́. `Section View` ló ń tú àṣírí rẹ̀: bí òbìrí méjì bá gun ara wọn, ẹ fi kún `P`.

Ó ku ká gé ìdí sípíríngì ní 0 àti orí rẹ̀ ní 62.3, kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ bí èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ lọ̀.

Àwòrán yìí kò ní sún kì fúnra rẹ̀. Bí a bá fẹ́ rí i nígbà tí ẹrù ti tẹ̀ ẹ́, ká sọ 10 méjèèjì di 6, kí a sì gbé ibi tí a ti gé orí wá sí 42.3. Sípíríngì á fi mílímítà 20 kúrú. Kò lè kúrú kọjá mílímítà 32, nítorí ìyípo 8 oní mílímítà 4 ti fara kanra níbẹ̀.