Iye Já, Oko Ò Kú

Àgbẹ̀ tó ní oko kòkó ní agbègbè Oǹdó tàbí Iléṣà mọ ohun kan tí kò tíì yé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ṣíà: ó mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni owó kòkó, ọ̀tọ̀ ni igi kòkó. Lọ́dún 2000, tọ́ọ̀nù kòkó kan kò tó 1,000 dọ́là lórí ọjà àgbáyé. Ẹni tó bá fi ìbínú gé igi rẹ̀ lulẹ̀ lọ́dún náà, tó fi ẹ̀gẹ́ rọ́pò rẹ̀, ti fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ohun tó lè kọjá lọ di àdánù, nítorí kòkó tuntun a máa lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so. Nígbà tó di 2024, tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là. Ẹni tí igi rẹ̀ ṣì wà ní ìdúró nìkan ló rí nǹkan kó lọ sọ́jà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣíà ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹni tó ra ṣíà ti ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà, tó ń tà á, tó ń jèrè, tó sì lè máa pín lára èrè náà fún àwọn onípìn-ín. Ilé-iṣẹ́ yẹn ni igi. Iye tí wọ́n ń pe ṣíà lónìí kò ju ohun tí ẹni tó fẹ́ rà á ṣetán láti san lónìí lọ. Bí ẹ̀rù bá ba àwọn tó ń rà, iye náà á já, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún ṣíà lánàá ṣì ní ọgọ́rùn-ún lónìí. Ìgbà tó bá tà á ló tó gé igi.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ló ń fi díẹ̀ nínú owó oṣù wọn pamọ́ fún ìfẹ̀yìntì, inú ṣíà sì ni owó náà sábà máa ń wà. Ohun tí wọ́n máa ń rà jù ni àpò kan tó kó ṣíà ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-iṣẹ́ pọ̀. Èyí tí a mọ̀ jù nínú wọn ń tẹ̀lé S&P 500, ìyẹn àkójọ nǹkan bí 500 ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 9 oṣù October 2007, òǹkà àkójọ yìí wà ní 1,565. Lẹ́yìn náà ni wàhálà gbèsè ilé kíkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn báǹkì, títí Lehman Brothers fi wọ́lẹ̀ ní September 2008. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 9 oṣù March 2009, òǹkà ti já sí 676. Ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ láàárín oṣù mẹ́tàdínlógún.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ọ̀sì méjì ṣe àpẹẹrẹ, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù kan náà, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní 10,000 dọ́là nínú àpò yìí nígbà tí ọjà wà lókè. Ní March 2009, ohun tí àwọn méjèèjì rí lójú kọ̀ǹpútà wọn jẹ́ nǹkan bí 4,300 dọ́là. Èkíní ní ara òun ò gbà á mọ́, ó tà á, ó sì kó owó náà sí báǹkì títí tí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀. Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ, tí ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í dára, ó padà rà á. Ṣùgbọ́n òǹkà ti gòkè dé 1,115 nígbà yẹn, èyí tó túmọ̀ sí pé ohun tó tà ti wọ́n ju bó ṣe tà á lọ ní ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Èkejì kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí ọjà padà dé ibi tó ti já, ní ìparí March 2013, owó èkejì ti padà di 10,000 dọ́là. Ti èkíní jẹ́ nǹkan bí 6,000. A ò tíì ka owó èrè tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń pín ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Owó náà dínkù ní 2009, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró, ẹni tó sì fi ń ra ṣíà sí i ti gba owó rẹ̀ padà ṣáájú 2013. Tí èkejì bá sì ń jẹ́ kí wọ́n máa yọ owó lára owó oṣù rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ tẹ́lẹ̀, gbogbo ọgọ́rùn-ún dọ́là tó wọlé ní ọjọ́ tí ọjà burú jù yẹn ti di nǹkan bí 230 ní 2013.

Kì í ṣe pé èkíní jẹ́ aláìmòye. Ohun tó fẹ́ ṣe ló le. Ẹni tó bá tà nígbà tí ọjà já ti di ẹrù ìpinnu méjì lé ara rẹ̀ lórí: ìgbà tó máa jáde, àti ìgbà tó máa padà. Ìpinnu kejì ló máa ń pa èèyàn lára jù, nítorí pé ọjà kì í dúró de ìròyìn ayọ̀. Lẹ́yìn tí ọjà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè ní March 2009, iṣẹ́ ṣì ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn ní Amẹ́ríkà. Oṣù October ọdún náà ni àìríṣẹ́ṣe tó dé ògógóró rẹ̀, ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ní òun á dúró kí ìròyìn kọ́kọ́ dára ti pàdánù oṣù méje tí ọjà fi gòkè.

Àwọn ọjọ́ tí ọjà ń fò sókè sì sábà máa ń wà láàárín àwọn ọjọ́ tó burú jù. Ní October 2008, S&P 500 fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún já láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 13, ó fi ju ìdá 11 lọ gòkè ní ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn, ó tún fi ìdá mẹ́sàn-án já. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ nígbà àrùn kòrónà: ìdá 12 lọ ní ọjọ́ 16 oṣù March 2020, ìdá mẹ́sàn-án padà ní ọjọ́ 24, nígbà tó sì di ọjọ́ 18 oṣù August, ọjà ti padà kọjá ibi tó wà ní February. Ẹni tó jáde kí ó má bàa jìyà àwọn ọjọ́ burúkú kò sí nílé nígbà tí àwọn ọjọ́ rere dé.

Níbi kan, oníṣíà kò dà bí oníkòkó. Kò sẹ́ni tó ń lọ sí oko àgbẹ̀ ní wákàtí wákàtí láti kígbe iye tí ilẹ̀ rẹ̀ ń lọ. Fóònù ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí oníṣíà, ó fi pupa kọ ọ́, bọ́tìnì tí a fi ń tà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ní ìgbà tí ọjà bá já, ẹni tó fẹ́ fara balẹ̀ ní láti dín wíwò kù. Kó wo owó náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó sì má ṣe fọwọ́ kan ètò tó ń yọ owó lára owó oṣù rẹ̀. Tó bá fẹ́ tà dandan, kó kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé, kó sì fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá jẹ́ pé iye tó já nìkan ló kọ síbẹ̀, tí kò sí nǹkan kan nípa àwọn ilé-iṣẹ́ náà tàbí nípa àìní tirẹ̀, ẹ̀rù ló ń tà á, kì í ṣe òun.

Àmọ́ ẹni tó bá ní kí èèyàn máa di gbogbo ṣíà mú láìka ohunkóhun sí ń tan èèyàn jẹ. Nàìjíríà fi èyí hàn wá. Ní March 2008, òǹkà ọjà ṣíà ní Èkó kọjá 66,000. Láàárín ọdún kan, ó ti pàdánù ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ, kò sì padà débẹ̀ títí di 2023. Nígbà tó fi máa padà dé, dọ́là kan tí kò tó 120 náírà ní 2008 ti kọjá 700. Òǹkà padà, ṣùgbọ́n agbára owó náà kò padà.

Ohun méjì ló pa àwọn èèyàn lára jù nígbà náà. Àkọ́kọ́ ni gbèsè. Àwọn báǹkì ń yá èèyàn lówó láti fi ra ṣíà, ṣíà náà gan-an ni wọ́n sì fi ṣe ìdúró. Nígbà tí iye já, olówó fẹ́ gba owó rẹ̀, wọ́n sì ta ṣíà náà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, bóyá ẹni tó ni ín fẹ́ tàbí ó kọ̀. Ìfarabalẹ̀ kò ṣe nǹkan kan fún ẹni tó fi gbèsè rà á, torí pé ìpinnu kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Èkejì ni pé ọ̀pọ̀ kó gbogbo owó wọn sí ṣíà báǹkì kan tàbí méjì. Ní August 2011, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gba ìwé àṣẹ Afribank àti ti báǹkì méjì mìíràn. Owó àwọn tó fi owó pamọ́ síbẹ̀ kò bọ́, ṣùgbọ́n ìpín àwọn onípìn-ín di òfo. Igi kan lè kú pátápátá, kò sì sí sùúrù tó lè jí i. Àpò tó kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé-iṣẹ́ pọ̀ yàtọ̀, nítorí pé Lehman Brothers wà nínú S&P 500, ó kú, àpò náà sì là á já.

Ohun tó jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kejì lè dúró ni pé kò ní ohunkóhun láti fi owó yẹn ṣe láàárín ọdún mélòó kan. Kò jẹ gbèsè lórí rẹ̀, owó oúnjẹ àti owó ilé rẹ̀ wà lọ́tọ̀ ní báǹkì. Tó bá jẹ́ pé ó kù ọdún kan kó fẹ̀yìn tì ni, ìtàn rẹ̀ ì bá yàtọ̀, nítorí á ní láti máa tà lára rẹ̀ jẹun nígbà tí iye ṣì wà nísàlẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ bá ti ń súnmọ́lé fi gbọ́dọ̀ máa kó owó àtijẹ ọdún mélòó kan kúrò nínú ṣíà díẹ̀díẹ̀ sí báǹkì tàbí bọ́ǹdì ìjọba, kí ó tó di pé ọjà já. Owó ilé-ìwé ọmọ lọ́dún tó ń bọ̀ àti owó ilé tí a fẹ́ kọ́ láìpẹ́ kò ní nǹkan í ṣe nínú ṣíà rárá. Ìgbà tí ọjà bá wà lókè, tí inú gbogbo èèyàn ń dùn, ni kí á yọ irú owó bẹ́ẹ̀, kí èyí tó kù nínú ṣíà lè jẹ́ owó tí a lè fi ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà dúró tì.