Èyí tí a rí kọ́ ló ń jẹ ẹ̀wà

Bí a bá ṣí àpò ẹ̀wà tó ti pẹ́ nílé, kòkòrò kéékèèké tó ń sá káàkiri lójú àpò la kọ́kọ́ máa ń bá jà. A ó fẹ́ ẹ, a ó sá a sóòrùn, wọn á fò lọ, ọkàn wa á sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó fò lọ yẹn kì í jẹ ẹ̀wà. Láti ìgbà tó bá ti jáde títí tí yóò fi kú, bí ọjọ́ 10 sí 14, kò ní fi ẹnu kan hóró kan. Gígùn àti yíyé ni tirẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tó wà nínú hóró, níbi tí ojú wa kò dé, ni olè.

Oko lọ̀rọ̀ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀wà ń gbẹ nínú èèpo rẹ̀ ni abo kòkòrò á ti yé sí i, díẹ̀ á sì bá ìkórè wọlé. Nínú àpò, ara hóró ni abo ń lẹ ẹyin mọ́, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan sì lè yé tó 80. Ẹyin tuntun mọ́ gaara, ojú kì í tètè rí i. Lẹ́yìn bí ọjọ́ 5 tàbí 6, ẹyin á pa, ṣùgbọ́n ìdin kò ní jáde síta rárá: ìsàlẹ̀ ẹyin ni yóò ti lu hóró wọlé. Ìyẹ̀fun tó ń gbẹ́ á kún inú èèpo ẹyin, á sì di funfun. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àmì funfun tín-ín-tín lára ẹ̀wà, ọmọ ti wọlé nìyẹn. Inú ibẹ̀ ni yóò ti jẹ, tí yóò ti dàgbà, títí tí yóò fi kan abẹ́ awọ hóró. Á ṣẹ́ awọ fẹ́lẹ́ kan kù bí fèrèsé, ibẹ̀ ni yóò sì gbà jáde. Nínú ooru ilẹ̀ wa, gbogbo rẹ̀ kò ju bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní abo kan ṣoṣo wà nínú àpò, tí ọmọ rẹ̀ 60 yè, tí ìdajì wọn jẹ́ abo. Lóṣù kejì, 30 abo á bí 1,800. Lóṣù kẹta, 900 abo á bí 54,000. Ìdí nìyí tí ẹ̀wà tó dára lóṣù àkọ́kọ́ ṣe ń di ìyẹ̀fun lójijì.

Ẹni tó bá da oògùn olómi sí i ń pa èyí tó wà lóde. Èyí tó wà nínú hóró á jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó tún da oògùn, májèlé á sì máa pọ̀ sí i nínú oúnjẹ. Nítorí májèlé yìí ni ilẹ̀ Yúróòpù fi dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró ní 2015. Inú máa ń bí mi, nítorí ọ̀nà mìíràn wà: ká ti ibi púpọ̀ dí kòkòrò lọ́nà, ká fi oògùn ṣe ìkẹyìn.

Ká tètè kórè, ká sá ẹ̀wà gbẹ dáadáa, ká gbá ìyókù ti ọdún tó kọjá kúrò nínú àká. Oòrùn lásán ń lé àgbà kòkòrò ni. Ooru tó tó 57°C fún wákàtí kan ló ń pa ọmọ inú hóró. Ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú, ẹ tú ẹ̀wà sí i fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó, ẹ fi òkúta tẹ etí rẹ̀, ní ọ̀sán gangan tí òjò kò ṣú.

Lẹ́yìn náà, ẹ dí i. Àpò onípele mẹ́ta, ọ̀rá nínípọn méjì nínú àpò kan, ló rọrùn jù. Ẹ rọ ẹ̀wà kún un, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lọ́ ẹnu ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, ẹ ká a, ẹ dì í pinpin. Kòkòrò inú rẹ̀ fúnra wọn ni yóò mí afẹ́fẹ́ náà tán. Afẹ́fẹ́ yẹn ni wọ́n fi ń ṣe omi ara wọn. Bí ó bá tán, wọn á dẹ́kun jíjẹ, wọn á sì gbẹ kú. Ihò eku kan tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, ṣíṣí i lójoojúmọ́ náà kò sì yàtọ̀. Ẹni tó ń bù díẹ̀díẹ̀, kẹ́ẹ̀gì kéékèèké tí ìdérí rẹ̀ le ló yẹ ẹ́.

Kí ẹ tó dì í, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ìgò, ẹ fi aṣọ bo ẹnu rẹ̀, ẹ gbé e síbi tẹ́ ẹ ti lè máa wò ó fún oṣù kan. Bí kòkòrò bá jáde, ó ti wà nínú ẹ̀wà náà kí ẹ tó dì í.