Aago Tí Wọ́n Ní Ìyá Àgbà Yí Jù

Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyá àgbà náà n'Ìbàdàn, aago ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń wò kí wọ́n tó lu agogo ìsinmi. Aago náà kò lo bátìrì. Àràárọ̀ ni ìyá ń fi ìka méjì yí orí rẹ̀, títí ó fi dákẹ́ lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ tó fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó ní, "Èmi ni mo yí i jù. Ṣáà bá mi tọ́jú ẹ̀."

Gbogbo ilé ló gbà bẹ́ẹ̀, nítorí náà inú dúrọ́ọ̀ ni aago wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ọmọ náà gbé e jáde, ẹni àkọ́kọ́ tó gbé e lọ bá fẹ́ yọ inú rẹ̀ dànù, kó fi ẹ̀rọ oníbátìrì rọ́pò. Ó gba aago rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá àgbàlagbà kan ló wá ṣí ẹ̀yìn aago náà. Ó fi irun búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kan kẹ̀kẹ́ kékeré tó yẹ kó máa mì síwá sẹ́yìn. Ó mì díẹ̀, ó dúró.

"Ọmọ mi, ìyá ẹ àgbà ò yí i jù."

Sípíríǹgì irú aago bẹ́ẹ̀ máa ń kún débì kan tí kò ní ṣeé yí mọ́, lẹ́yìn náà ni á máa tú díẹ̀díẹ̀ fún bí ọjọ́ kan àtààbọ̀. Bí nǹkan bá di àwọn kẹ̀kẹ́ inú rẹ̀ mú, kò ní lè tú, ẹni tó ń yí i á sì rò pé òun ló bà á jẹ́. Epo tó ti gbẹ ló sábà máa ń di wọ́n mú. Nínú ọ̀pọ̀ irú aago àtijọ́ bẹ́ẹ̀, kẹ̀kẹ́ kékeré yẹn ń mì lẹ́ẹ̀marùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn jẹ́ 432,000 ìgbà lójúmọ́. Epo tó ti lẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù kò lè gbà fún un.

Bàbá náà kọ́kọ́ rọra tú agbára sípíríǹgì sílẹ̀, torí bí wọ́n bá yọ irin tó bo àwọn kẹ̀kẹ́ nígbà tó ṣì kún, wọn á ré yí, eyín wọn lè kán. Ó wá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ó fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi igi tó gbẹ́ lẹ́nu ṣonṣo nu àwọn ihò wọn. Epo tuntun tó fi sí i kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, nítorí èyí tó bá pọ̀ jù á ṣàn lọ síbi tí kò yẹ. Sípíríǹgì ti rẹ̀, ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ fi ẹ̀rọ dán ẹ̀yìn aago náà, ọmọ náà kọ̀: orúkọ ìyá tí wọ́n fín síbẹ̀ á pa rẹ́.

Aago ṣiṣẹ́. Ọmọ náà pe ìyá lórí fóònù pé kì í ṣe òun ló bà á jẹ́. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń fi bú mi látọjọ́ yìí ńkọ́?" ni ìyá fi dá a lóhùn.

Bí orí aago ìyá tiyín náà bá kọ̀ láti yí, ẹ má fipá yí i, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da kẹrosíìnì sí i: ó lè jí fún ìgbà díẹ̀, á tún dákẹ́, torí ìdọ̀tí ṣì wà níbẹ̀. Ẹ bi ẹni tó fẹ́ tún un ṣe bóyá á tú u palẹ̀ pátápátá. Bó bá ní kò pọn dandan, ẹ gbé e lọ síbòmíràn.