Mítà Méjì fún Wáyà Mẹ́ta

Mọ́tò tó ń yí ẹ̀rọ ìlọta ńlá, wáyà oníná mẹ́ta ló máa ń wọ inú rẹ̀, 415 fólítì sì ni ó wà láàárín wáyà kan sí èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye wáàtì tó ń jẹ lè rò pé mítà mẹ́ta lòun máa nílò. Méjì ti tó. Kọ́rẹ́ǹtì kò ní ọ̀nà mìíràn ju wáyà mẹ́ta yẹn lọ, nítorí náà ohun tó bá gba méjì wọlé, ẹ̀kẹta ló gbọ́dọ̀ gbé e padà. André Blondel, onímọ̀ iná ará Faransé, ló fìdí òfin yìí múlẹ̀ ní 1893: iye wáyà, ẹ yọ ọ̀kan kúrò, iye mítà nìyẹn.

Kọ́ìlì méjì ló wà nínú mítà wáàtì. Ẹ ó pa iná ná, nítorí 415 fólítì ń pani. Ẹ ó wá jẹ́ kí wáyà kìn-ín-ní gba inú kọ́ìlì kọ́rẹ́ǹtì mítà kan kọjá, kí wáyà kejì gba inú ti mítà kejì. Kọ́ìlì fólítì mítà kọ̀ọ̀kan yóò fi ẹsẹ̀ kan lé wáyà tirẹ̀, yóò fi èkejì lé wáyà kẹta tí kò ní mítà. Bí ẹ bá pa ohun tí àwọn méjèèjì kà pọ̀, gbogbo agbára tí mọ́tò ń jẹ nìyẹn.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn náà ní ohun tó ń sọ. Mọ́tò máa ń lo apá kan kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ láti dá òòfà sílẹ̀ nínú ara rẹ̀, èyí ló ń mú kí kọ́rẹ́ǹtì rìn lẹ́yìn fólítì. Bí ó bá ṣe jìnnà sẹ́yìn tó ni páwà fákítọ̀ yóò ṣe kéré tó. Nítorí pé wáyà kẹta ni mítà méjèèjì fi ń wọn fólítì, igun tí ọ̀kan ń rí fi 30 dígírì dín, ti èkejì fi 30 dígírì lé. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í ka iye kan náà. W1 ni ká pe èyí tó tóbi:

```
tan φ = √3 × (W1 − W2) ÷ (W1 + W2)
```

Páwà fákítọ̀ ni cos φ. Ká ní mọ́tò náà ń lọ ẹrù gidi, mítà kan ka 5,200 wáàtì, èkejì ka 1,700. Àpapọ̀ jẹ́ 6,900, ìyàtọ̀ jẹ́ 3,500. tan φ yóò jẹ́ 0.88, igun rẹ̀ tó 41 dígírì, páwà fákítọ̀ sì jẹ́ 0.75.

Ẹ wá kó ẹrù kúrò, kí mọ́tò máa yí lásán. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Mítà kan ka 1,250, ṣùgbọ́n ọwọ́ mítà kejì yí sẹ́yìn, ó tẹ ògiri òdo. Tí kọ́rẹ́ǹtì bá ti fi ju 60 dígírì lọ rìn lẹ́yìn, ìyẹn ni pé páwà fákítọ̀ ti kéré sí 0.5, igun tí mítà yẹn ń rí ti ju 90 lọ, ó sì gbọ́dọ̀ yí sẹ́yìn. Ẹ ó pààrọ̀ ẹsẹ̀ kọ́ìlì fólítì rẹ̀ kí ọwọ́ náà lè gòkè. Ká ní ó ka 750. Yíyọ la ó yọ 750 yìí, a kò ní rò ó mọ́ ọn: 500 wáàtì ni àpapọ̀, 2,000 ni ìyàtọ̀, páwà fákítọ̀ sì jẹ́ 0.14.

Ẹni tó bá rò ó mọ́ ọn yóò gba 2,000 wáàtì àti páwà fákítọ̀ 0.92. Irọ́ ni. Mọ́tò tí kò gbé ẹrù kankan kò lè ní irú páwà fákítọ̀ bẹ́ẹ̀. Mítà kọ́rẹ́ǹtì yóò sì tú àṣírí rẹ̀, torí nǹkan bí 4.9 ámúpíà ni yóò kà. 415 fólítì lọ́nà 4.9, lọ́nà 1.73, jẹ́ nǹkan bí 3,500. 2,000 nínú 3,500 kò sì lè jẹ́ 0.92 láé.

Ọwọ́ mítà lè yí sẹ́yìn nítorí pé wọ́n so wáyà rẹ̀ òdì pẹ̀lú. Láti mọ ìyàtọ̀, ẹ kọ́kọ́ fi gílóòbù mẹ́ta olókùn, tí wáàtì wọn dọ́gba, sí ipò mọ́tò. Kọ́rẹ́ǹtì gílóòbù kì í rìn lẹ́yìn, nítorí náà mítà méjèèjì gbọ́dọ̀ gòkè, kí wọ́n sì ka iye kan náà. Tí èyí bá ti rí bẹ́ẹ̀, tí ẹ kò sì fọwọ́ kan ìsopọ̀ mọ́, ohunkóhun tó bá yí sẹ́yìn lẹ́yìn náà, mọ́tò ló yí i.

Àpapọ̀ yóò tọ̀nà bí wáyà mẹ́ta kò tilẹ̀ gbé ẹrù dọ́gba. Ti páwà fákítọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, ẹrù dídọ́gba nìkan ló wà fún. Níbi tí wáyà kẹrin, níútírà, bá sì ti ń gbé kọ́rẹ́ǹtì, bíi ti iná tó ń wọ ọ̀pọ̀ ilé láti ara tiransifọ́mà, mítà méjì kò tó mọ́.

Tí ẹ bá so kàpásítọ̀ mọ́ mọ́tò tó ń lọ ẹrù láti gbé 0.75 rẹ̀ dé 0.95, àpapọ̀ yóò ṣì jẹ́ 6,900. Ṣùgbọ́n 5,200 yóò sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bí 4,100, 1,700 yóò gòkè dé 2,800. Bí mítà tó ń ka kékeré bá wá ju ìkejì rẹ̀ lọ, kàpásítọ̀ yẹn ti pọ̀ jù.