Lẹ́tà Tí Oníbàárà Ń Dúró Dè

Ní ọdún 1895, ilé iṣẹ́ John Deere tó ń rọ ohun ìtúlẹ̀ ní ìlú Moline, ní ìpínlẹ̀ Illinois lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé kan fún àwọn àgbẹ̀. The Furrow ni wọ́n pè é, ó sì ń jáde títí dòní. Ọ̀rọ̀ oko ni àgbẹ̀ ń bá nínú rẹ̀: ilẹ̀, ohun ọ̀gbìn, bí àgbẹ̀ mìíràn ṣe yanjú ìṣòro tó jọ tirẹ̀. Ọgbọ́n yìí ni mo fẹ́ kí àwọn oníṣòwò wa wò dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ń kọ lẹ́tà sí oníbàárà lórí fóònù báyìí, tí oníbàárà kì í sì í kà á.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Oṣù tuntun wọlé, àdúrà gígùn. Ọjà tuntun dé, àwòrán mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́, ó di ìgbà tí ọdún Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Oníbàárà kò mọ ọjọ́ tí lẹ́tà máa dé, kò sì mọ ohun tó máa bá nínú rẹ̀. Kí ló fẹ́ ṣí i fún?

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń ta oúnjẹ àti oògùn adìẹ n'Íbàdàn, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń sin adìẹ ẹlẹ́yin. Kó tó kọ ohunkóhun, ìwé kékeré kan ni kó fi sórí káńtà. Gbogbo ìbéèrè tí oníbàárà bá bi í ni kó kọ síbẹ̀, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Kò ní í pẹ́ tó fi máa rí i pé àwọn kan ń padà wá: "Mo fún wọn ní Lásótà, kí ló dé tí lukuluku tún fi wọlé?" "Àpò oúnjẹ kan yẹ kó lo ọjọ́ mélòó?" Èyí tí wọ́n bá bi í jù lọ ni lẹ́tà ọ̀sẹ̀ yẹn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni o, nítorí ẹni tó dáhùn mẹ́rin pa pọ̀ kò ní í lè dáhùn ọ̀kankan délẹ̀.

Ètò lẹ́tà náà kò gbọdọ̀ máa yí. Ká ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló mú, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, nígbà tí ọlọ́sìn ti fún adìẹ lóúnjẹ tán. Ìdáhùn ló máa ṣáájú, iye owó àpò oúnjẹ lọ́sẹ̀ náà á tẹ̀ lé e, ohun kan tó yẹ kí ọlọ́sìn múra sílẹ̀ fún ló máa kẹ́yìn. Bó ṣe máa rí nìyẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé iye owó nìkan ló ń wá á mọ ibi tó wà, ẹni tó bá sì ráyè á ka gbogbo rẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀kan ṣe lè rí:

"Lásótà tó kú sínú omi

Ẹ kú ojúmọ́ o. Bí ẹ bá fi omi ẹ̀rọ tó ní kiloríìnì po Lásótà, kiloríìnì á ti pa àjẹsára náà kí adìẹ tó mu ún. Omi kànga tó mọ́ ló dáa. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ nìkan lẹ ní, ẹ kọ́kọ́ po gíráàmù 50 mílíìkì oníyẹ̀fun tí kò lọ́ràá mọ́ omi lítà 20, ẹ fi sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí, kẹ́ ẹ tó wá da àjẹsára sí i. Ẹ ti gba omi kúrò níwájú adìẹ fún wákàtí kan sí méjì ṣáájú, kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n. Ìwọ̀n tí wọ́n lè mu tán láàárín wákàtí méjì ni kẹ́ ẹ pò. Ẹ ṣe é ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú. Láti ṣọ́ọ̀bù wa títí délé yín, inú yìnyín ni kí àjẹsára wà.

Iye owó ọ̀sẹ̀ yìí: . . .

Ẹ múra sílẹ̀: ooru oṣù Èrèlé ń bọ̀. Ẹ wá àfikún ohun ìmumi báyìí."

Kò sí "ẹ wá rà" níbẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó kà á mọ ibi tí yìnyín àti mílíìkì wà. Ohun tó gbé lẹ́tà náà dúró ni ìwọ̀n: gíráàmù 50, lítà 20, ìdajì wákàtí. Ká ní ó kọ ọ́ pé "ẹ máa fún adìẹ ní àjẹsára dáadáa," kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tó kàn láti ṣe. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó bá ṣì lè pa agbo adìẹ, nítorí náà kí dókítà ẹran ọ̀sìn kà á kó tó jáde. Ẹ wo àkọlé náà pẹ̀lú. Ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni fóònù sábà máa ń fi hàn kí èèyàn tó ṣí iṣẹ́, torí náà ọ̀rọ̀ gan-an ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. "Lẹ́tà wa ti oṣù yìí" kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ lẹ́tà ń kú sí ni ojú ọ̀nà. Lórí WhatsApp, àkójọ kan fún ìfiránṣẹ́ kò gbà ju èèyàn 256 lọ, ẹni tó bá sì ti fi nọ́ńbà yín pa mọ́ sínú fóònù rẹ̀ nìkan ló máa rí i gbà. Ẹlòmíràn á máa kọ̀wé fún oṣù mẹ́ta, láìmọ̀ pé ìdajì oníbàárà kò rí ohunkóhun. Lórí káńtà ló ti yẹ kí èyí yanjú: bí oníbàárà bá gbà pé òun fẹ́ lẹ́tà, kó fi nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù pa mọ́ lójú yín. Gbígbà yẹn ṣe pàtàkì, torí pé Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni Aráàlú tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 kò fẹ́ ká kàn máa lo nọ́ńbà oní-nǹkan bó ṣe wù wá. Ẹ má kó gbogbo wọn sínú gúrúùpù kan. Ọ̀rọ̀ àwàdà á bo lẹ́tà mọ́lẹ̀, gbogbo ayé á sì rí nọ́ńbà ara wọn. Bó bá jẹ́ í-meèlì lẹ fi ń ránṣẹ́, inú Bcc ni kí àdírẹ́ẹ̀sì gbogbo wọn wà fún ìdí kan náà.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ń kà á? Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ìfíwèéránṣẹ́ máa ń wo iye èèyàn tó ṣí í-meèlì, ṣùgbọ́n iye yẹn kò ṣeé gbára lé mọ́. Láti ọdún 2021 ni ètò Mail ti Apple ti lè fa àwòrán inú lẹ́tà wọlé fúnra rẹ̀, tí yóò dà bí ẹni pé oní-fóònù ti ṣí i nígbà tí kò tíì fojú kàn án. Ẹnu oníbàárà ni kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn lẹ́tà Lásótà, ṣé ẹnikẹ́ni gbé kúlà wá láti fi gba àjẹsára? Ṣé ẹnì kan fèsì pé òun kò rí mílíìkì tí kò lọ́ràá rà? Èsì yẹn á wọnú ìwé orí káńtà, lẹ́tà mìíràn sì lè ti ibẹ̀ jáde. Bí lẹ́tà mẹ́ta bá jáde tí ẹnikẹ́ni kò fọhùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn tó yàtọ̀ síra lẹ kó pọ̀. Ọlọ́sìn bróílà tó ń ta adìẹ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹyin. Ẹ pín àkójọ náà sí méjì.

Ọ̀sẹ̀ kan á wà tí iṣẹ́ á pọ̀, tí kò ní í sí àyè láti kọ nǹkan gidi. Ẹ fi iye owó nìkan ránṣẹ́ ní aago mẹ́jọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pẹ̀lú ìlà kan pé ìdáhùn ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.